Gbàǹjo Dọ́là àti Ìwé Ẹrù Ìyá Mi

Odindi ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìwé tí ìyá mi fẹ́ fi gba ẹrù rẹ̀ ní èbúté Tẹmá fi wà nínú àpótí irin tó wà lẹ́yìn àga mi. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà. Síbẹ̀ mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fún un.

Ọdún kejì tí mo kúrò ní yunifásítì nìyẹn. Báńkì oníṣòwò kan ní Tamale, ní àríwá Ghana, ló gbà mí síṣẹ́, tábìlì tí mo jókòó sí sì ni ti àwọn tó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀: èmi àti ọ̀gá mi, obìnrin ẹ̀yà Dagbamba kan tó ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà, tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ẹni tó wà ní Íńdíà bá ta ọjà fún ẹni tó wà ní Tamale, ọjà á gba orí omi wá, ìwé rẹ̀ á sì gba ọ̀dọ̀ báńkì wá. Báńkì á di ìwé náà mú. Ìgbà tí olùrà bá san dọ́là tó kù ni a óò tó kó ìwé fún un. Láìsí ìwé, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹrù fún un ní èbúté, bó tilẹ̀ fi omijé wẹ ilẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ̀yà ara níkàníkà ni ìyá mi ń tà, ìyẹn ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin àdúgbò gbogbo fi ń lọ àgbàdo, tí wọ́n fi ń lọ ata, tí wọ́n sì fi ń lọ èso ẹ̀mí tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Àwo irin méjì tó ń lọ nǹkan, bẹ́líìtì, òrùka písítìnì. Ìyá rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, láti ìgbà tí àwọn ará wa láti agbègbè Ọ̀yọ́ ti ń ru igbá ọjà kiri ní àríwá Ghana. Ẹrù tó dé sí Tẹmá yìí ló fẹ́ tà ní àsìkò èso ẹ̀mí tó ń bọ̀. Gbogbo ohun tó ní ló wà nínú rẹ̀. Ó ti san àsansílẹ̀ fún olùtajà tó wà ní Íńdíà. Ìyókù owó ló kù kó san.

Kì í ṣe pé kò ní owó. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó bá ń kà á, nítorí ohun tí àwọn ìbátan wa kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ní ọjọ́ tí ìwé ẹrù dé, sídì, owó Ghana, tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ tó ra gbogbo dọ́là tó kù, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Dọ́là ni kò sí. Báńkì wa kò ní in láti tà, àwọn báńkì yòókù kò sì ní in. Bí a sì ti ń dúró, sídì ń rọ, iye rẹ̀ sí dọ́là ń já wálẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìyá mi máa ń fi ẹfun kọ iye ọjà sára pátákó kan lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sẹ̀ yẹn ó nu pátákó náà nù. Bí oníbàárà bá béèrè pé èló ni àwo ìlọ, á ní, "Ọjọ́ wo lo fẹ́ rà á?" Wọ́n á rò pé ó ń ṣàwàdà.

Ní Moshie Zongo tí ilé wa wà, ọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìtajà tìmùtìmù. Kì í ta tìmùtìmù. Owó ló ń pààrọ̀, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí ìwé ẹrù dé, ó sọ fún ìyá mi pé òun ti rí gbogbo dọ́là tó ń wá, ṣùgbọ́n iye tí òun fẹ́ tà á ga ju ti báńkì lọ. Ìyá mi ṣírò rẹ̀ lórí, ó rí i pé òun á pàdánù èrè gbogbo, ṣùgbọ́n ẹrù á jáde. Ó gbà. Wọ́n fi àdéhùn sí àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì náà ni rédíò kéde pé báńkì àpapọ̀ fẹ́ ta dọ́là láti inú àpò ìpamọ́ orílẹ̀-èdè, nípasẹ̀ gbàǹjo, fún àwọn báńkì tí oníbàárà wọn nílò rẹ̀.

Ìyá mi ti wọ bàtà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Alákọ̀wé," ó ní, "kí lo rí sí i?"

 N kì í fèsì láìwádìí. Mo lọ wá ìkéde náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wo ìròyìn tó kẹ́yìn nípa iye dọ́là tó wà nínú àpò ìpamọ́ náà; ó tó kó ọjà gbogbo orílẹ̀-èdè wọlé fún oṣù bíi mélòó kan. Mo wò ó pé bí báńkì àpapọ̀ bá ju dọ́là sọ́jà, dọ́là á pọ̀ sí i, sídì tí wọ́n sì fi rà á á wọlé sọ́dọ̀ báńkì àpapọ̀, á kúrò nígboro. Dọ́là pọ̀, sídì dín kù: kò sí bí owó dọ́là kò ṣe ní í dẹwọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wò ó pé ohun tí ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ń ṣe lòdì sófin, báńkì ni mo sì ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ dúró, Ìyá," mo ní. "Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó bọ́ bàtà. Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, bí ó ṣe tẹ̀ ba láti bọ́ bàtà náà ni mo máa ń rí.

Fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé mo jàre. Sídì dúró. Ó tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì dín iye tirẹ̀ kù, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́: "Báńkì! Ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa ni?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má dá a lóhùn.

Nígbà tí gbàǹjo àkọ́kọ́ ń bọ̀, iṣẹ́ wa ni láti kó ìbéèrè àwọn oníbàárà jọ, kí a fi ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́ wa ní Accra. Níbẹ̀, ẹnì kan tí mi ò tíì fojú rí rí, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ lórí fóònù, á kó ti gbogbo ẹ̀ka pọ̀, á sì bá báńkì wa dú u. Bí ohun tí gbogbo báńkì béèrè bá ju ohun tí báńkì àpapọ̀ fẹ́ tà lọ, wọ́n á pín in ní ìwọ̀n ohun tí kálukú béèrè.

Àwọn oníbàárà wa mọ òfin ìpín yìí ju mí lọ. Ọkùnrin tó ń kó táyà wọlé béèrè ìlọ́po mẹ́ta ohun tó nílò. Ó fi ìwé iye owó ọjà tí kò ní rà láé sí i. Obìnrin tó ń kó aṣọ wọlé ṣe bákan náà. Olùtajà kankan ní òkè òkun kì í kọ̀ láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí kan ó ti dé sórí fóònù rẹ.

Ọ̀gá mi wo fọ́ọ̀mù tí mo kọ fún ìyá mi. "Ohun tó nílò gan-an lo kọ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbogbo wọn ló ń kọ ìlọ́po mẹ́ta."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa, mà. Bí gbogbo ènìyàn bá sì béèrè ìlọ́po mẹ́ta, ìdá tí wọ́n máa fún kálukú á kéré sí i. Kò sẹ́ni tó jèrè."

"Ẹni tó sọ òótọ́," ó ní, "òun nìkan ló pàdánù." Ó buwọ́ lù ú, ó dá a padà fún mi.

Ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí a béèrè ni báńkì wa rí gbà, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe pín in fún kálukú. Ẹni tó béèrè ìlọ́po mẹ́ta gba ju ìdajì ohun tó nílò lọ. Ìyá mi gba ìdá kan nínú márùn-ún tirẹ̀. Dọ́là kékeré náà wọ àkáǹtì rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga kan ṣoṣo. Olùtajà ní òun kò gba àbọ̀ owó.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, sídì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Mo wá ìdí rẹ̀ láti inú ìwé. Ìyá mi rí i lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn omi ẹ̀rọ kò wá. Táńkì dúdú ńlá kan wà nínú ọgbà wa, àwọn ayálégbé sì máa ń bu omi rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyá mi ti ní kí kálukú máa pọn garawa kan lóòjọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ìyàwó ayálégbé kan gbọ́ pé omi kù díẹ̀, ó gbé garawa mẹ́rin jáde. Èyí tó kù rí i, ó gbé márùn-ún. Ariwo bẹ̀rẹ̀.

Mo jáde, mo fi ọwọ́ gbá ara táńkì láti mọ ibi tí omi dé. "Omi ṣì wà o," mo ní. "Ó dé ibí yìí. Ẹ má jà."

"Ó dé ibẹ̀ lóòótọ́," ni ìyá mi wí. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ìrẹsì. "Ẹ wo ibi tí ẹnu ẹ̀rọ wà."

Ẹnu ẹ̀rọ ga ju ìdí táńkì lọ ní bí ìbú ọwọ́ méjì. Omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í jáde.

"Yàtọ̀ sí ìyẹn," ó ní, "ẹni tó ń kọ́ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ra ọkọ̀ omi tó kẹ́yìn, ó kàn gbé e pamọ́ sọ́dọ̀ wa ni. Tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Omi wà, ọmọ mi. Ṣé èyí tí mo lè pín ni ìwọ ń kà?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àpò ìpamọ́ ti yé mi. Iye tí mo kà sọ́kàn nígbà tí mo ní kó bọ́ bàtà ni gbogbo ohun tó wà nínú àpò. Mi ò béèrè pé èwo nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi ṣe ìdúró fún ẹ̀yáwó. Mi ò béèrè pé èwo ni wúrà, èwo ni ti ẹlòmíràn tó kàn wà ní ìpamọ́, èwo ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún epo mọ́tò. Gbogbo ìròyìn ni mo wọ̀n, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú wọn: "àpapọ̀", pé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n kà, kì í ṣe èyí tó ṣeé tà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ báńkì àpapọ̀ kan wá bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀ nínú yàrá ìpàdé báńkì wa. Ọkùnrin àgbà ni, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta dọ́là gan-an. Yàrá kún. Ìyá mi jókòó ní ìlà kejì, ó so ọwọ́ mọ́ báàgì rẹ̀. Èmi dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Oní táyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ ní dọ́là wà. Kí ló dé tí ẹ kì í tà á títí sídì á fi padà síbi tó wà?"

"Nítorí mi ò mọ ibi tó yẹ kó wà," ni ọkùnrin náà dáhùn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò fi yín ṣẹ̀sín. Bí sídì bá ń wó nítorí ẹ̀rù, bí gbogbo ènìyàn bá ń sáré nítorí ẹnì kejì wọn ń sáré, mo lè ta dọ́là kí ẹ fara balẹ̀. Ìyẹn ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá ń wó nítorí ohun tí a ń rà lókè òkun ju ohun tí a ń tà lọ, bí mo bá ta gbogbo rẹ̀ tán, á ṣì wó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ náà, mi ò ní ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́."

Obìnrin aláṣọ ní, "Ẹ tà á díẹ̀díẹ̀, nígbà náà."

"Ohun tí a ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin sì ń wo àpò wa. Bí ẹ bá rí i pé ó ń fà sẹ́yìn, ẹ ò ní dúró kó tán kí ẹ tó sáré. Ẹ ó sáré nígbà tó bá kù díẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdí àpò wa wà gan-an, kì í ṣe níbi òfo."

Ó mu omi. "Nǹkan kejì: bí mo bá ta dọ́là fún yín, sídì yín wọlé wá. Ó yẹ kó dúró lọ́dọ̀ mi. Bó bá gba ilẹ̀kùn mìíràn jáde, bí ìnáwó bá tún kó o padà sígboro, wọ́n á tún fi wá dọ́là. Á dà bí ẹni pé mi ò ta nǹkan kan, dọ́là mi sì ti lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé èlé sókè, kí ẹ lè fẹ́ láti di sídì mú. Mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí ìyẹn náà."

Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè. Hausa ló fi sọ̀rọ̀. "Alàgbà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹrù tèmi ti dé. Ó wà ní Tẹmá. Sídì wà lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?"

Ọkùnrin náà yíjú sí i. Hausa lòun náà fi dá a lóhùn. "Hájíà, ẹ béèrè ohun tí ẹ nílò. Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ wa ju ohun tí orílẹ̀-èdè yìí lè kó wọlé lọ. A ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́."

Èmi gbọ́ ọ. Mo wà nínú yàrá náà. Mo lè tún un sọ fún yín lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, nígbà tí gbàǹjo kejì ku ọjọ́ méjì, ìyá mi wá bá mi nídìí tábìlì. Bí oníbàárà ló ṣe wá: ó tò, ó jókòó níwájú mi, ó kí ọ̀gá mi. Ó fi fóònù rẹ̀ sí àárín wa. Ìwé iye owó ọjà tuntun ló wà lójú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ olùtajà kan náà, fún ẹ̀rọ níkàníkà odindi, èyí tí ìyá mi kò tà rí láyé rẹ̀.

"Olùtajà ní òpin oṣù lòpin," ó ní. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnì kan ní Lomé ti ní owó lọ́wọ́, ó fẹ́ ra ẹrù náà níbi tó wà. Bí a bá tún gba ìdá kan nínú márùn-ún, ó ti tán."

"Ìyá, irọ́ nìyí."

"Mi ò ní kó o purọ́. Mo ní kó o kọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọ."

Mo wo ọ̀gá mi. Kò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n kò tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́.

"Ìgbà àkọ́kọ́," ni ìyá mi wí, "mo gbọ́ tìrẹ."

 Mo tún ọ̀rọ̀ náà wò lọ́tùn-ún lósì, mi ò rí ibi tí kò ti jẹ́ òótọ́. Mo so ìwé irọ́ mọ́ ìwé òótọ́, mo kọ méjèèjì sínú ìbéèrè kan, ìlọ́po mẹ́ta géérégé.  Mo tilẹ̀ rò ó pé bí ìdá náà bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta, a ó gba gbogbo ohun tí a fẹ́. Ìṣirò náà pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ gbàǹjo, fóònù dún. Ẹni tó ń bá wa dú owó ní Accra ni.

"Ṣé ẹ̀ka Tamale? Mo ní ìròyìn. Wọ́n dín dọ́là tí wọ́n tà kù, wọ́n sì yí ìlànà padà. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti wà ní èbúté nìkan ni wọ́n dá lóhùn. Ìbéèrè tí wọ́n bá rí ìwé ọjà tí kò tíì kúrò lókè òkun nínú rẹ̀, odindi rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà."

"Odindi rẹ̀?"

"Odindi. Mo ní méje níwájú mi láti ọ̀dọ̀ yín, gbogbo rẹ̀ ló ti padà." Mo gbọ́ ìró ìwé. "Ọ̀kan yìí yà mí lẹ́nu. Oní níkàníkà. Ẹrù rẹ̀ wà ní Tẹmá, ìwé rẹ̀ pé. Kí lẹ wá fi ẹ̀rọ odindi kún un fún? Àwọn tí ìwé wọn mọ́ gba gbogbo ohun tí wọ́n béèrè lónìí. Gbogbo rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi."

"Ṣé a lè yọ èyí tí kò dára kúrò, kí a tún un fi ránṣẹ́?"

"Gbàǹjo ti parí. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì."

Òpin oṣù ku ọjọ́ mẹ́fà.

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Ọ̀gá mi béèrè pé kí ni wọ́n wí. Mo sọ fún un. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Lọ sọ fún un fúnra rẹ. Má fi fóònù sọ ọ́."

Mo rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn. Ìyá mi ń bá ọkùnrin kan wo àwo ìlọ tó ti jẹ, bóyá wọ́n ṣì lè tún eyín rẹ̀ gbẹ́. Mo dúró títí oníbàárà fi lọ. Mo rò ó lójú ọ̀nà bóyá kí n sọ ìdajì rẹ̀ nìkan, pé wọn ò dá wa lóhùn. Kò sí ẹ̀rí tó lè já mi nírọ́. Ṣùgbọ́n mo ti so irọ́ kan mọ́ òótọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì ti rí ohun tó ṣe sí i.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé bó bá jẹ́ ti èbúté nìkan la kọ, gbogbo dọ́là náà ìbá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn.

Ó fi aṣọ nu ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ni mo mú un wá."

"Èmi ni mo kọ ọ́, Ìyá. Èmi náà ni mo ní kí ẹ bọ́ bàtà lọ́jọ́sí."

"Bàtà wo?"

Kò rántí. Mo rò pé ìyẹn dùn mí ju ká ní ó bú mi lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn òun fúnra rẹ̀ lọ bá ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì. Mo tẹ̀ lé e, mi ò bìkítà fún òfin mọ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n kọ èyí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ọkùnrin náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dìde fún ìyá mi, ó fún un ní àyè lórí bẹ́ǹṣì. Ní iye tó pè, sídì tó wà lọ́wọ́ wa kò lè ra ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tó kù lọ.

"Hájíà, mo lè yọ èrè tèmi kúrò," ó ní. "Kò ní í tó síbẹ̀síbẹ̀. Ẹni tó ń tà á fún mi náà ń bẹ̀rù."

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A rìn padà sílé. Omi ẹ̀rọ ti dé, àwọn ayálégbé ń kọrin lẹ́yìnkùlé, garawa wọn sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, àṣẹ olùtajà dé: kí a fi ìwé ẹrù náà ránṣẹ́ sí báńkì kan ní Lomé. Ìyá mi ní láti wá buwọ́ lùwé pé òun kò lè gbà á. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ṣí àpótí, mo gbé àpò ìwé náà sórí tábìlì.

"Ṣé mo lè rí i?"

Mo wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi dìde, ó ní òun ń lọ bu omi mu, bẹ́ẹ̀ ìgò omi rẹ̀ kún.

Ìyá mi fa ìwé tí wọ́n to ẹrù sí jáde. Kò lè ka gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà ọjà rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ́ wọn, ó ń dárúkọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́: àwo ńlá, àwo kékeré, bẹ́líìtì, òrùka. Ó dúró níbi ìlà tó kẹ́yìn. "Èyí ńkọ́?"

"Bẹ́líìtì méjì," mo ní. "Wọn ò kọ iye owó sí i. Wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni."

"Olùtajà yẹn máa ń fi jàárá sí i fún mi," ó ní. "Láti ìgbà Màmá mi."

Ó tẹ́ ìwé náà dọ́gba, ó dá a padà sínú àpò fúnra rẹ̀. Ó buwọ́ lu ibi tí mo tọ́ka sí. Mo wá gbé fọ́ọ̀mù kejì fún un. Dọ́là kékeré tó gba ní gbàǹjo àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jókòó lásán. Bí ohun tí a torí rẹ̀ rà á kò bá sí mọ́, a ní láti tà á padà fún báńkì, báńkì á sì tún un tà fún ẹni tó bá tọ́ sí.

"Ta ni wọ́n máa tà á fún?"

Mo mọ ìdáhùn náà. Mo wá ọ̀nà mìíràn láti sọ ọ́, mi ò rí.

"Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti dé èbúté."

Ó wò mí. Mo rò pé á sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bú sí, ẹ̀rín gidi, tó jẹ́ kí oní táyà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gbé ojú sókè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìborùn nu ojú. Lẹ́yìn náà ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó buwọ́ lù ú, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti jẹun.

Nígbà tó lọ, mo di àpò ìwé náà, mo kọ àdírẹ́sì báńkì Lomé sí i lára. Mo ti àpótí irin. Ìwé ìyá mi kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo yí kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ti ń ṣe lójoojúmọ́.